Ọkọ̀ Apẹja Inú Ìwé Ẹjọ́

Mílọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin, ó sì jẹ́ orúkọ náà tọkàntọkàn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré jù fún un láti dá sí. Bí èèyàn méjì bá ń du àga ní ilé ìkàwé, á gbé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, á ní kí ẹni tó kọ́kọ́ dé sọ tẹnu rẹ̀, kí ìkejì fèsì, kí àwọn tó kù panu mọ́. Ó fi ọdún mélòó kan ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ó ti tajà pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ kó tó ríbi wọ yunifásítì. Ohun tó lè mú un jà láàárọ̀ kùtù ni kí wọ́n rẹ́ ẹnìkan jẹ lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, kó bi í nípa ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Mílọ́ọ̀dù ṣì wà ní kékeré, àwọn aṣọ́mi orílẹ̀-èdè kejì gba ọkọ̀ náà lọ, wọn ò sì dá a padà di òní. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ: pé ọ̀nà jíjìn réré làwọn aṣọ́mi ti fun fèrè, pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú ọkọ̀, pé wọ́n kàn dé lójijì, wọ́n ní bàbá sá. Bàbá kì í dá sí i. Tí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀, á rọra dìde, á lọ jókòó síta. Ìyá ti kú, bàbá ti di ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn ọmọbìnrin wọn. Òun ló gbé e dé ẹ̀ka òfin.

Ẹ wá fojú inú wo ayọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ àfidánrawò ọdún náà jáde, tó jẹ́ pé ẹjọ́ ọkọ̀ apẹja tí orílẹ̀-èdè mìíràn gbà lójú omi ni. Ìdíje láàárín àwọn yunifásítì ni. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ á dá orílẹ̀-èdè méjì sílẹ̀ látinú orí ara wọn, wọ́n á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn sínú ìwé ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan á kọ ìwé ẹjọ́ fún olùpẹ̀jọ́ àti fún olùjẹ́jọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ fẹnu rò ó níwájú àwọn adájọ́. Bó ṣe wù ọ́ ni kó o ṣe túmọ̀ òfin, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ wọn lọ. Ẹni tó bá fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i, wọ́n á gé máàkì rẹ̀, ojú á sì tì í níwájú adájọ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ gbà láìjiyàn pé Mílọ́ọ̀dù ló máa kọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ olùpẹ̀jọ́, tó sì máa dìde sọ ọ́. Ohun tó ń fẹ́ láyé ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ti kìlọ̀: bí ìbẹ̀rẹ̀ náà kò bá dúró dáadáa kí àkókò ìfiránṣẹ́ tó pé lọ́la, ẹlòmíràn ló máa gbà á.

Ìyá Ìpínrọ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ yìí lẹ́yìn, torí ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n bi èèyàn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí fáànù ti ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Mílọ́ọ̀dù wà níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ti olùjẹ́jọ́, tí wọ́n ń pè ní Alátakò, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Kà á fún mi," ni olùkọ́ wí.

Mílọ́ọ̀dù gbé ohùn sókè. "Orílẹ̀-èdè Olùpẹ̀jọ́ sọ pé ìgbésẹ̀ Olùjẹ́jọ́ lòdì sófin. Láti ibi tí ojú kò lè tó, tí etí kò sì lè gbọ́, ni ọkọ̀ ìṣọ́ Olùjẹ́jọ́ ti fún apẹja ní àmì pé kó dúró. Àmì tí kò sẹ́ni tó gbọ́ kì í ṣe àmì. Ìlépa tí kò ní àmì kì í sì í ṣe ìlépa tí òfin òkun mọ̀."

Alátakò gbàgbé ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti pa mí," ló wí.

"Ó dùn létí," ni olùkọ́ dá a lóhùn. "Ìpínrọ̀ wo?"

"Ìkẹsàn-án, mà."

"Ṣí i."

Mílọ́ọ̀dù ṣí i. Ìwé náà ti gbó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fa ìlà pupa àti ìlà búlúù sí i lára. Ó kà á jáde: "Ọkọ̀ ìṣọ́ náà fun fèrè, ó sì tan iná, pé kí ọkọ̀ apẹja dúró. Ọkọ̀ apẹja kò dúró." Ó ṣí ìpínrọ̀ ìkẹwàá. Ó padà sí ìkẹjọ. Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó wá a títí dé ìparí, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn kò sí níbì kankan nínú ìwé tó ti kà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Ó dá a lójú gbangba pé òun rí gbólóhùn yẹn lórí bébà. Ó tiẹ̀ rántí apá ibi tó wà lójú ìwé.

"Mo rí i níbí, mà," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo búra pé mo rí i."

"O ò rí i," ni olùkọ́ wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "O lè sọ pé ìwé ò sọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó, pé ẹni tó lépa ló yẹ kó fi hàn pé àmì rẹ̀ tó gbọ́. Àríyànjiyàn nìyẹn, bó tilẹ̀ lẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́? Ẹ̀rí lò ń jẹ́ yẹn. Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Ó mọ ohùn tó sọ ọ́ fún un, ó sì mọ yàrá tó ti gbọ́ ọ, lórí ẹní, kí oorun tó gbé wọn lọ. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti wọ́ wọnú ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. Ó tọrọ àyè, ó jáde.

Lórí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó pe bàbá rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń wá gan-an. Bóyá ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún un pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, bí kò tiẹ̀ sí nínú ìwé.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Àdúkẹ́ mi, o ò sí ní kíláàsì?"

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan nítorí ẹjọ́ ọkọ̀ apẹja kan tá à ń ṣe níbí. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀ yín, báwo làwọn aṣọ́mi ṣe jìnnà sí yín tó nígbà tí wọ́n fun fèrè?"

"Wọn ò jìnnà. Mo rí irùngbọ̀n ọ̀gá wọn."

"Ẹ gbọ́ fèrè?"

"Ta ni ò ní gbọ́? Omi wọn la wà, a sì mọ̀. Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì, ká sá. A ò rìn jìnnà tí wọ́n fi bá wa."

"Ṣé wọ́n padà lẹ́yìn yín? Wọ́n fi yín sílẹ̀ nígbà kankan?"

"Wọn ò fi wá sílẹ̀."

Mílọ́ọ̀dù di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Ariwo ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé etí rẹ̀ ti di. Gbogbo ìbéèrè òfin pátá, bóyá àmì tó gbọ́ àti bóyá ìlépa kò dáwọ́ dúró, ló ti bi bàbá rẹ̀ láìmọ̀, ìdáhùn sí gbogbo wọn ló sì gbe àwọn aṣọ́mi.

"Màámi ní..."

"Mo mọ ohun tí màámi rẹ ní. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè yín lọ́mọ olè. Ó wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dá wọn lóhùn. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá dàgbà, ẹ máa gbàgbé ẹ̀."

Gbàgbé kẹ̀! Ọmọ tó tìtorí ẹ̀ lọ kọ́ òfin. Inú bí i sí bàbá, ó bí i sí òkú ìyá, lẹ́yìn náà ló wá ku ìyàlẹ́nu lásán fún un, tó kàn ń wo àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó bi bàbá bóyá ó ti jẹun. Bàbá ní òun ti jẹun. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó wọlé padà, Alátakò wò ó lójú, ó sì ti ẹ̀pà tó kù síwájú rẹ̀. Olùkọ́ ò gbójú sókè. "Ṣé kí n gbé e fún ẹlòmíràn?"

"Rárá, mà. Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀."

Ó fa igi lé ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́ náà pátá. Lẹ́yìn náà ló wá ka ìpínrọ̀ ìkọkànlá bí ẹni tí kò rí i rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ọkọ̀ ìṣọ́ náà fi ìlépa sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó padà lọ fa ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, pé ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ìṣọ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí apẹja náà lórí agbami, níbi tí kì í ṣe omi orílẹ̀-èdè kankan. Gbogbo ọjọ́ ló ti wà níbẹ̀. Ó ti fà á ní ìlà rí, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, torí kò jọ ìtàn ilé wọn.

Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó parí, ó kà á láìgbé ohùn sókè rárá.

"Orílẹ̀-èdè Olùpẹ̀jọ́ kò jiyàn pé wọ́n fún ọkọ̀ apẹja rẹ̀ ní àmì, bẹ́ẹ̀ ni kò jiyàn pé kò dúró. Ẹjọ́ rẹ̀ kò dá lórí pé ọwọ́ apẹja náà mọ́. Lórí agbami, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ gbé àsíá rẹ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá lépa rẹ̀ látinú omi tirẹ̀ lè mú un níbẹ̀, bí kò bá dẹ́kun ìlépa. Olùjẹ́jọ́ dẹ́kun. Ó yíjú padà, ó lọ, gẹ́gẹ́ bí ìpínrọ̀ ìkọkànlá ṣe sọ. Nítorí náà ni ìgbésẹ̀ tó wáyé lọ́jọ́ kejì fi lòdì sófin, tó sì fi yẹ kó dá ọkọ̀ náà padà."

Alátakò fọwọ́ gba orí. "Mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta lórí fèrè yẹn o. Kí ni mo fẹ́ máa bá jà báyìí?"

Olùkọ́ gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. "Ìwọ lo máa sọ ọ́," ló wí, ó sì ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí àkókò tó pé. Mílọ́ọ̀dù ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ni.

"Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń ṣẹjọ́ ẹ̀ yẹn," ni bàbá wí, "ṣé wọ́n á dá a padà?"

"Bàbá mi, kò sí ọkọ̀ kankan. Inú ìwé ló wà."

"Mo mọ̀. Mo ní ṣé wọ́n á dá a padà."

"Bí wọ́n bá tẹ̀lé òfin, wọ́n á dá a padà."

"Ó dáa. Inú ẹni tó ni ín á dùn."

"Bàbá mi, ẹ ò béèrè tiyín."

"Tèmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ ọ lọ ni mo ti mọ èsì tèmi. Ìwọ ni n ò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n."

Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fun fèrè, pé òun ń lọ ṣí géètì.