Àwọn Ààrò Tí Kò Wọ Orí Karùn-ún

Ọkùnrin tó ń di ìwé ìwádìí mi fún mi ní Bájúláyè ti gé páálí èèpo ìwé náà tán. Ó ku kó fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ mi sí i lára. Mo dúró tì í láàárín ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, inú mi ń dùn ṣìnkìn, ni súpáfáísọ̀ mi, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́, bá pè mí lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n má tíì dì í. Ó ní ohun tí òun kà tán ní orí kẹrin, òun náà ni òun tún ń kà ní orí karùn-ún.

Kí n má purọ́, inú bí mi burúkú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa pé. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo ń kùn títí mo fi débẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Àwọn èèyàn wa tó ti etíkun Oǹdó wá ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀, ìyá tó bí mi sì wà lára wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan ni mo gbé dání, tó dà bíi fèrè. Èèyàn á mí kanlẹ̀, á wá fẹ́ ẹ tagbáratagbára, àmì inú rẹ̀ á sì sún dé ibi tí èémí onítọ̀hún bá lè gbé e dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ẹ, èyí tó ga jù ni mò ń kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò ohun tó yẹ kí ẹni tó bá ní irú ọjọ́ orí yẹn àti irú gíga yẹn lè fẹ́, mo sì fi wé iye tó fẹ́. Mi ò ka ìyá mi mọ́ wọn, torí súpáfáísọ̀ mi ti ní ẹbí kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí: àwọn tó ti pẹ́ jù nídìí ààrò ni èémí wọn dára jù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò tó wọn. Àfi bí idán. Ohun tí mo sì kọ sí orí karùn-ún, níbi tó yẹ kí n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, kò ju kí n mú àwọn tábìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ wọ́n di gbólóhùn.

Ibi tí mo ti ṣe wèrè gan-an kọ́ nìyẹn. Mo ti sáré lọ sọ ọ́ fún ìyá mi. Láti ìgbà òjò ló ti ń wúkọ́, dókítà sì ti ní kó fi ẹ̀fín sílẹ̀. Ó ti fẹ́ gbà. Ìgbà tí mo sọ àbájáde mi fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní, ṣé mo rí i báyìí, ẹ̀fín mọ ọmọ ilé. Látọjọ́ náà, kò sọ pé òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì súpáfáísọ̀ mi, ó bi mí pé kí ni àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rí. Mo ní wọ́n rí i pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nínú ẹ̀fín ni èémí ń dín kù. Ó ní ṣé ẹ̀fín Bàrígà wá ń ṣe oògùn ni? Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Àwọn tí o wọ̀n kọ́ ni mò ń béèrè. Àwọn tí o kò bá níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo padà sílé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá àgbà kan. Nínú gbogbo àwọn tí mo wọ̀n, èémí tirẹ̀ ló lágbára jù. Láràárọ̀ tí mo bá dé ibẹ̀, màá máa gbóhùn rẹ̀ nínú èéfín tó ń kí àwọn èèyàn láti ààrò dé ààrò, ẹ kú ìdáná o, ẹ kú ìdáná o. Mo rò pé èéfín ló bo àwọn tó ń kí mọ́ mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èéfín ṣú dùdù, omi ọ̀sà ò sì mì rárá. Ó kí ààrò àkọ́kọ́, ẹni tó ń koná níbẹ̀ dá a lóhùn. Ó kí èkejì, kò sẹ́ni níbẹ̀. Eérú ti di ẹrẹ̀, aláǹtakùn ti takùn sí ẹnu ààrò náà. Ìyá náà dúró díẹ̀, ó tẹ́tí, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn, ó wá kọjá lọ. Ó kí ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni. Ó tún dúró. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sá.

Mo fipá bi í léèrè ta ni ó ń kí. Ó wò mí bí ẹni pé ọmọdé ni mí. Ó ní àwọn kì í wó ààrò ẹnìkejì àwọn, bẹ́ẹ̀ làwọn kì í jáwọ́ nínú kíkí ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni èyí, èémí ló dà á láàmú tí wọ́n fi gbé e padà sí etíkun. Ẹni tó ni tọ̀hún, orí ìjókòó ló ń sùn báyìí, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ti kú, ó ti wà nínú ilẹ̀. Mo ń ka àwọn ààrò náà lọ nínú ọkàn mi títí ó fi sú mi. Àwọn tí kò níná fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó àwọn tó níná.

Áà, mo gbé! Ọjọ́ mélòó ni mo fi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé? Ibi tí iná bá ti ń jó nìkan ni mò ń yà sí. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn obìnrin ayanja etí ọ̀sà ni mo wọ̀n.

Mo sọ ohun tí mo rí fún súpáfáísọ̀ mi. Ó kìlọ̀ pé kí n má fi àwọn ààrò òfìfo náà ṣe àbájáde o, torí n kò gba àṣẹ láti ka àwọn yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa èyí tó kú. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí n kọ, kí n má fi búra.

Mo pa gbogbo àsọtúnsọ rẹ́. Mo fi gbólóhùn kan sọ ohun tí mo rí. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn tó ṣáájú rí, mo sì jẹ́wọ́ pé wọn ò bára mu. Mo kọ ìdí tó lè fà á: èmi bá àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nídìí iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ẹ̀fín bá jà ti kúrò kí n tó dé, kó jẹ́ àwọn tó lágbára ló ṣẹ́ kù fún mi láti wọ̀n. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ yìí sọ pé ẹ̀fín kì í ṣeni ní nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lẹ́yìn mi, kó wá àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ náà kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ti ìyá mi, mo fi Yorùbá ka apá yẹn fún un. Mo tọrọ àforíjì, mo ní irọ́ ni mo pa fún yín nígbà yẹn, Màámi, n kò mọ̀ ni. Ó na ọwọ́, ó ní kí n gbé fèrè náà wá.

Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ dá a dúró. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó fẹ́ kẹ́yìn ló dára jù, síbẹ̀ àmì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nílẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó.

Ó ní, "Ibo lo máa kọ èyí sí?"

Mo ní n kò ríbi kọ ọ́ sí, Màámi.

Nígbà tí mo ń gbé ìwé náà padà lọ sí Bájúláyè láàárọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà kọjá. Kò sí iná ní ààrò ìyá mi. Inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi. Mo wá rò ó pé bí ẹlòmíràn bá gbé fèrè wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní mọ̀ pé ìyá mi wà níbẹ̀ rí.