Ìlà Kan Tí Mi Ò Kọ Sínú README

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni mo fi ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú itan adìẹ, wọn á sì tún fún mi ní ọsàn lé e. Lónìí, agbára káká ni àádọ́ta náírà fi ń ra omi inú ọ̀rá kan ní Ṣàngó. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ka ìmọ̀ ìṣirò jáde, iṣẹ́ ló ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà gbà mí padà lórí àdéhùn ọdọọdún, èmi ni mò ń wá bí wọn ò ṣe ní lé mi.

Àsìkò yẹn, ìjọ àti yunifásítì ń hù káàkiri Ọ̀tà bí olú. Iṣẹ́ tèmi ni dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi iye ike tí ẹ̀ka mẹ́ta ṣe han àwọn ọ̀gá. Akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ sínú fáìlì, á sì fi í sínú fódà tí gbogbo wa jọ ń lò ní ọjọ́ Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kọ̀ǹpútà á kó fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á rò wọ́n mọ́ ti oṣù. Ìlà àkọ́kọ́ ló fi ń mọ ohun tó ń kà: ọjọ́, ẹ̀rọ, iye. Bí kò bá bá orúkọ wọ̀nyí níbẹ̀, á fo fáìlì náà láìpariwo. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àṣìṣe ẹ̀ka kan má baà dá àwọn yòókù dúró.

Ọ̀gá tuntun dé, ó kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Ó ní kí n kọ README, ìwé ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó bá fẹ́ lo dáṣíbọ́ọ̀dù náà.

“Bàbá, ojú ewé kan péré. Ibi tí nọ́ńbà ti ń wá, àti ohun tí a máa ṣe bó bá kọṣẹ́.”

Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí ẹlòmíràn lè ṣe é. Mo kọ ọ́. Bí fáìlì bá pẹ́, pe akọ̀wé rẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá yàtọ̀, tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti yí páswọ́ọ̀dù fódà padà, fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, tẹ bọ́tìnì kí ó tún kà.

Mo yọ ohun kan sílẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka kejì, obìnrin tó kó wá sí Ọ̀tà nítorí ìjọ rẹ̀, máa ń kọ àkòrí oṣù tí ìjọ wọn kéde sókè fáìlì gan-an: OṢÙ ÀṢEYỌRÍ MI NI YÌÍ. Ọjọ́, ẹ̀rọ, iye á wá sún sí ìlà kejì, kọ̀ǹpútà á sì fo fáìlì náà. Gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń pa ìlà náà rẹ́, tí mo ń tẹ bọ́tìnì, tí mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bí mo bá kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe?

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi ní Abẹ́òkúta, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀. Olórí ẹ̀ka kejì, ọmọ Ìkirè tó ń kọ́lé sí Ìjokò, ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi dé ibùdókọ̀ Toll Gate.

“Púrò, ẹ lọ tún ojú yẹn ṣe dáadáa o. Ẹ̀rọ yín ń kà wá bí ẹni ń ka ewúrẹ́, ẹ wá ń fi ojú kan ṣoṣo ṣọ́ ọ.”

Ní Mọ́ńdè kejì, obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ mi lé lọ́wọ́ pè mí.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀ka kejì ò ní nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tẹ̀lé ìwé yín látòkè délẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ pé.”

“Fi í sílẹ̀ kí n dé.”

“Ọ̀gá ń bínú o. Wọ́n ní ẹ̀ka kejì ò ṣe tó ìdajì iṣẹ́ oṣù yìí.”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni màá dé.”

Gbólóhùn kan ló kù: wo ìlà àkọ́kọ́. Mi ò sọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé wọn ò lè ṣe é láìsí mi.

Ní Fúráìdè, wọ́n fún olórí ẹ̀ka kejì ní ìwé lọ-gbélé-ẹ. Ó ń pariwo pé kí wọ́n wá wo ike nínú sítọ́ọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó wà l'Ékòó, ojú ewé yẹn nìkan ni wọ́n ń wò.

Mo dé, mo pa ìlà kan rẹ́, mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀ka kejì ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá.

“Bàbá, ìwé ti jáde láti Èkó, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. README yín la tẹ̀lé. Àbí nǹkan kan wà tí ẹ ò kọ sí i?”

Mo ní kò sí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlà náà fún akọ̀wé ẹ̀ka kejì, ó sunkún títí. “Ìbùkún ni mo ń fi sórí iṣẹ́, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

Mo lọ bá olórí ẹ̀ka kejì tí wọ́n lé ní Ìjokò, mo jẹ́wọ́ fún un láàárín ògiri tí kò tíì ní òrùlé.

“Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí obìnrin yẹn pè yín?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

Kò bú mi. Ó gbé omi fún mi, ó sì ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń mu ún.

Mo fi ìlà náà kún README lọ́jọ́ kejì. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Lópin ọdún, wọn ò sọ àdéhùn mi dọ̀tun.

Akọ̀wé ẹ̀ka kejì ṣì wà láàyè, Ìtẹ̀lé ló ń gbé. Obìnrin tó pè mí wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan. Mo gbọ́ pé ọ̀gá wà ní Kánádà. Olórí ẹ̀ka kejì kú kí ó tó kan páànù sórí ilé Ìjokò yẹn. Èmi náà wà láàyè.