Ọṣẹ Tí Kì í Jẹ́ Kí Ara Fà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń se ọṣẹ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wa ní Aramọkọ. Èèpo kòkó ló fi ń ṣe é. Yóò sá a kí ó gbẹ, yóò sun ún di eérú, yóò sẹ́ omi eérú náà, lẹ́yìn náà yóò gbé e ka iná pẹ̀lú àdín, yóò máa rò ó títí ọṣẹ yóò fi léfòó. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bayọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì ní sùúrù fún ohun tó bá gba kí ènìyàn dúró ti ìkòkò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wálé, òun nìkan ni mo bá nínú ilé náà, ariwo ẹnu rẹ̀ ló sì ń jí mi láràárọ̀. Mo ń ráhùn nípa ariwo yẹn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ó tán nínú ilé náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ fi bí mi nínú. Àwọn méjèèjì ń gbé Ìlọrin, ọmọ dáadáa sì ni wọ́n. Wọ́n ní èéfín yẹn ti tó, pé ta ló tún ń ra ọṣẹ dúdú nígbà tí ọṣẹ ọdún tó kọjá ṣì kún yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n bá ìyá wọn ṣe àdéhùn: bí ọṣẹ tó wà nílẹ̀ bá tà tán kí ọdún Àjíǹde tó dé, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá tà, kí ó pa iná, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbínú gbà. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà mí, torí mi ò mọ ìgbà tí ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni mo ní kí a gbé ọṣẹ náà lọ sórí ìkànnì ọjà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì kọ àpèjúwe rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì olóyìnbó pọ́nńbélé: ọṣẹ àdáyébá, ìṣẹ̀dá olóore, àti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn díẹ̀ rà á láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo wá lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ìkànnì náà ń ṣe fún àwọn òǹtajà lórí fóònù. Obìnrin tó ń kọ́ wa ní ká má fi ọ̀rọ̀ tiwa tajà. Ó ní ká ka ohun tí àwọn tó ti rà á kọ sábẹ́ ọjà, ká wá gbólóhùn tó ń padà bọ̀ lẹ́nu wọn, ká fi í sínú àkọlé ọjà àti ìlà àkọ́kọ́ àpèjúwe. Ó ní ohun tí ẹni tó ti rà á ń sọ, òun náà ni ẹni tó fẹ́ rà á ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri. Ìyẹn yé mi. Ìṣòro kan ni pé ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọṣẹ wa kò tó nǹkan.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn sọ ọ́ lásán ni o. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ wa, ó ní ọṣẹ òun ń fẹ́ ẹnu àwọn ènìyàn. Ẹ mọ bí àwọn ìyá ìjọ ṣe rí. Ẹni tó bá rà á lórí ìkànnì nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀, nítorí náà wọ́n rà á. Ẹni tí kò mọ fóònù tẹ̀ ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń fà á lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti kún abẹ́ ọjà wa bámúbámú.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, mo ní kí ẹ̀rọ náà to gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù fún mi. Ohun tó gbé jáde ni: Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: ìyá rere. Èyí tó tún tẹ̀ lé e ni: a kò ní fi ẹkún gbẹ̀yìn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

“Ùwọ lọ sọ pé ohun tí oníbàárà bá sọ ni ká kọ,” ni ó wí. “Wọ́n ti sọ ọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò fẹ́ ra ọṣẹ tí yóò tẹ ‘a kò ní fi ẹkún gbẹ̀yìn’?”

“Tísà, kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a jà lórí ohun tí ìjọ rẹ̀ bá sọ nípa rẹ̀. Fún odindi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọṣẹ wa wà lórí ìkànnì pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀, kò sì sí àjèjì kankan tó yà sọ́dọ̀ wa. Ìkànnì máa ń fi iye ènìyàn tó wo ọjà han òǹtajà. Tiwa ń lọ sílẹ̀ ni. Àjíǹde sì ń sún mọ́lé. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń pa aṣọ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń díbọ́n pé òun kàn ń tún yàrá ṣe. Ó dùn mí wọnú egungun.

Ìgbà náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a nídìí iná, mo ní kí ó bá mi yọ ọ̀rọ̀ àwọn ará ìjọ kúrò nínú rẹ̀. Òun nìkan ló lè ṣe é, torí òun ló mọ ẹni tó fà á lé lọ́wọ́. Mo ń ka orúkọ, ó ń dáhùn: “Akọrin nìyẹn. Ìyẹn, ìyàwó olùkọ́ tó ń gbé ìlú Ara nìyẹn. Ìyẹn, ọṣẹ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì tó fi gbà á.” Mo ń pa ọ̀rọ̀ wọn tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, ìwọ̀nba àwọn àjèjì ló kù: ẹnì kan ní Jọ́ọ̀sì, ẹnì kan ní Kàdúná, àwọn kan ní Àbújá, ọ̀kan ní Ẹnúgu. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnìkejì rẹ̀ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn sókè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn. Ẹni Jọ́ọ̀sì ní: ara mi kì í fà mí lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹni Kàdúná ráhùn pé ọṣẹ náà yọ́ nínú ilé ìwẹ̀ òun, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé láti ìgbà tí òun ti ń lò ó, ara òun kì í fà mọ́. Ẹnì kan ní Àbújá ní ọyẹ́ ọdún yìí nìkan ni ara òun kò fà. Ẹni Ẹnúgu, tó jẹ́ pé nípa bí ọṣẹ náà ṣe pẹ́ kó tó dé ni ó ń bínú, ní bí kò bá ṣe pé ara òun kì í fà, òun ì bá dá a padà.

Irun ara mi dìde. Mo ti ka ìwé ìdánwò fún ọdún púpọ̀, mo mọ bí ìdáhùn ṣe ń rí bí àwọn ọmọ bá ti wo ìwé ara wọn. Àwọn wọ̀nyí kò wo ìwé ẹnikẹ́ni. Oníkálukú wọn wẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, ó nu ara rẹ̀, ó dúró, ó sì kíyè sí ohun kan náà. Wọ́n wá fi ẹnu kan náà sọ ọ́, láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú àpèjúwe mi, kò sí èyí níbẹ̀, torí èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ara ẹlòmíràn ń fà. Ọṣẹ yìí ni wọ́n fi wẹ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

“Ka ti Jọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo kà á.

“N kò mọ̀ ọ́n rí,” ni ó wí. “Kò dé ulé wa rí. Ó wá mọ bí uṣẹ́ mi ṣe rí lára.” Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni. Iná ti kú láti àárọ̀.

Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo fi “kì í jẹ́ kí ara fà lẹ́yìn ìwẹ̀” sínú àkọlé, mo sì tún fi í bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ ọ́ gan-an, láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ti yíyọ́ yẹn, mi ò fi pamọ́: mo kọ ọ́ pé ọṣẹ náà máa ń yọ́ bí omi bá dúró tì í, kí wọ́n máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n bo èyí tó kù. Ẹnì kan wà tó kọ ọ́ pé ó wo làpálàpá ọmọ òun sàn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n gbé ìyẹn gan-an sókè. Mo kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, ọṣẹ kì í sì í ṣe oògùn, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. A jà díẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀.

Fún ọjọ́ díẹ̀ kò sí ohun tó yí padà, mo sì ti ń bú obìnrin tó kọ́ wa. Lẹ́yìn náà àwọn tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ẹnì kan ti ń rà á láti Mínà ni ẹlòmíràn ń rà á láti Bauchi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń dì í sínú páálí, ọlọ́kadà ń gbé e lọ sí gáréèjì, ọwọ́ wa sì ń rùn fún àdín. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá béèrè ti ọdún, kò sí ọṣẹ tí a lè tà fún wọn, wọ́n sì bínú gidi.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kọ̀wé. Ó ní òun tẹ “ọṣẹ tí kì í jẹ́ kí ara fà” sínú àpótí ìwákiri, nítorí kò rí nǹkan mìíràn ṣe sí i mọ́, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnì kan ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti rò pé òun nìkan ni ara máa ń fà láyé yìí. Mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo tún un kà, ẹ̀yìn náà ni mo jẹ́ kí ó jókòó kí ó máa wo ojú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Wọ́n wo yàrá ẹ̀yìn, ó ṣófo, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Èyí àgbà ní òun ti kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin, kí àyè lè wà fún ẹrù màmá.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti de gèlè, ó ti jókòó síwájú ọkọ̀. “Ẹ gbé mi lọ sí ìlú Ara. Mo ní àpò èèpo kòkó níbẹ̀, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi gbé e wálé.”

Wọ́n wò mí. Mo gbé ojú sókè, mo ń wo òrùlé. Nígbà tí wọ́n padà dé, búùtù kún fún èèpo kòkó, eruku rẹ̀ sì wà lára aṣọ ọdún àwọn méjèèjì. Ìyá wọn ń pariwo pé kí wọ́n rọra já a sílẹ̀.