Pọ́ọ̀ṣì Fóònù Ọmọ Tó Gba Ojú Òkun Lọ

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adjamé, ní Abidjan, mo máa ń kọ irú fóònù tí pọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan bá mu sára rẹ̀, kí oníbàárà má baà bá mi jà. Ìyá kan wá ra ti ọmọ rẹ̀, tó gba ojú òkun lọ sí Yúróòpù.

"Mà, ṣé Samsung A14 ni àbí A15? Ihò kámẹ́rà wọn ò bára mu."

"Jẹ́ kí n bi í."

Ó pè é. Ohùn inú ẹ̀rọ fèsì ní Faransé pé nọ́ńbà náà kò lọ. Ó tún un pè.

"Bá mi di méjèèjì."

Mo ṣì ń bi àwọn ìyá tó ń ra ti ọmọ wọn léèrè irú fóònù tí ọmọ náà ń lò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà mí títí wọ́n á fi dáhùn.