Àwọn Àmì Tí Mo Sọ Nù Nínú Kọ̀ǹpútà Dókítà

Ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún tó kọjá ni. Gbogbo ènìyàn ní Adum, àdúgbò ọjà ní ìlú àwọn Àṣáńtì, ló ń sọ pé bí ọdún bá ti di ẹgbẹ̀rún méjì, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní mọ ọjọ́ mọ́, wọn yóò sì dàrú. Èmi ni akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lókè ilé ìtajà aṣọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Krofrom, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, ni wọ́n bí mi sí, Twi, èdè àwọn Àṣáńtì, ni mo sì kọ́kọ́ fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré. Dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́, obìnrin ará Ìbàdàn, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé Twi máa ń já wọ inú Yorùbá mi láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, òun náà sì gbọ́ ìròyìn tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Ó ra òmíràn lọ́wọ́ Alhaji kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀rọ ní òpópónà kejì sí wa. Alhaji gbà láti mú èyí àtijọ́ lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó ohun gbogbo tó wà nínú èyí àtijọ́ sínú tuntun.

Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ kò le. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló le. Bùráósà, ohun tí a fi ń ṣí ojú ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Dókítà ń lò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí tó bá kọ̀ǹpútà tuntun wá. Fún ọdún mẹ́ta gbáko ni Dókítà ti ń kó búkúmáàkì jọ: bó bá rí ojú ìwé kan tó wúlò fún un, á ní kí bùráósà fi àmì síbẹ̀, kó lè padà síbẹ̀ láìwá a. Bùráósà àtijọ́ kó gbogbo àmì wọ̀nyí sínú fáìlì kan ṣoṣo, bí àtòkọ gígùn. Ti tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpò kan ló ní, fáìlì kékeré kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì dúró fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ojú ìwé ni orúkọ fáìlì, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà nínú fáìlì.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì ń yá mi lára láti fi hàn. Mo kọ sìkíríìpù kan, nǹkan bí ogójì ìlà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ka àtòkọ yẹn ní ìlà-ìlà, kó yọ orúkọ àti àdírẹ́sì jáde, kó sì dá fáìlì kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ní ìlà tó dà gẹ̀rẹ́ (/) tàbí àmì ìbéèrè nínú, nítorí náà mo ní kí sìkíríìpù fi dáàṣì rọ́pò wọn. Àwọn orúkọ mìíràn gùn jù, mo sì ní kó gé wọn sí lẹ́tà ọgbọ̀n. Mo tún kó ètò bùráósà àtijọ́ sínú tuntun: ojú ìwé tó máa kọ́kọ́ ṣí, àti bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, nítorí ojú Dókítà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo da àpò náà sórí dísìkì pẹlẹbẹ, mo sì gbé e sínú tuntun. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣí bó ṣe yẹ. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Mo tẹ àmì mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ṣí. Mo pe Alhaji pé kó wá gbé ẹrù rẹ̀, ó sì wá gbé e kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ní àárọ̀ Túsídè, Dókítà pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní òun ń wá ojú ìwé kan tí ilé ìwòsàn kan ní òkè òkun gbé jáde. Ọmọ ọdún méjì kan wà tó ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì, tí gìrì kò yéé mú un títí Dókítà fi rí oògùn kan tó kápá rẹ̀. Oògùn náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe wúwo tó, tábìlì rẹ̀ sì wà lórí ojú ìwé yẹn. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ni Dókítà dà kọ. Mo wá a fún un. Kò sí níbẹ̀. Mo tún wá a. Ojú ìwé mẹ́rin láti ilé ìwòsàn kan náà ni Dókítà sọ pé òun ti fi àmì sí. Ẹyọ kan péré ni mo rí, kì í sì í ṣe èyí tó ń wá.

Dókítà wò mí. “Ṣé o ka iye wọn kí wọ́n tó gbé èyí àtijọ́ lọ?”

“Mi ò kà wọ́n, mà.”

Kò bá mi wí. Ó ní ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí òun ti fi ẹ̀rọ ìwárí wá a láàárọ̀ yẹn, kò jáde, nítorí kò sí ojú ìwé mìíràn tó darí ènìyàn síbẹ̀. Dókítà òkè òkun kan ló fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí òun, ẹni yẹn sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Mi ò lè méfò lórí oògùn yìí. Bó bá kéré, gìrì á padà. Bó bá pọ̀, ọmọ náà lè sùn kó má jí.”

 Ibi tí mo dúró sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn kò ní orúkọ, nítorí náà bùráósà àtijọ́ fi àdírẹ́sì wọn gan-an ṣe orúkọ fún wọn. Ilé ìwòsàn kan náà ni, ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà sì rí bákan náà. Nígbà tí sìkíríìpù mi gé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí lẹ́tà ọgbọ̀n, wọ́n di orúkọ kan ṣoṣo. Èkejì pa èkíní rẹ́, ẹ̀kẹta pa èkejì rẹ́, ẹ̀kẹrin pa ẹ̀kẹta rẹ́. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Fáìlì àtòkọ náà ì bá gbà wá, ṣùgbọ́n mi ò da òun fúnra rẹ̀ sórí dísìkì. Inú kọ̀ǹpútà tí Alhaji gbé lọ ló wà.

Mo sáré lọ bá Alhaji. Ó ń ṣètò rédíò sórí pẹpẹ. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé kọ̀ǹpútà náà ti wà ní Suame Magazine, àgbègbè àwọn mẹkáníìkì, láti ìdájí, lọ́wọ́ máàsítà kan tó máa ń bá òun tún ẹ̀rọ ṣe, tó máa ń nu ohun gbogbo inú wọn kí òun tó tà wọ́n. Mo bi í bóyá ó lè fi tẹlifóònù dá a dúró. Ó ní máàsítà kò ní tẹlifóònù. Ó júwe ibẹ̀ fún mi: lẹ́yìn àwọn tó ń jó irin ọkọ̀, níwájú ilé kan tí wọ́n fi táyà ṣe ọgbà yí ká.

Mi ò mọ bí mo ṣe wọ tróótró, ọkọ̀ èrò. Mo rántí pé mo di dísìkì pẹlẹbẹ mú nínú ọwọ́ tí ó ń làágùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé òógùn lè bà á jẹ́. Ọmọ yẹn ni mò ń rí. Èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kí ìyá rẹ̀ tó gbé e wọlé, ó sì fẹ́ràn láti máa fa káàdì ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn mi.

Suame kún fún ẹ́ńjìnnì àti ariwo òòlù. Mo bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin kí n tó rí ilé táyà. Máàsítà náà, ọkùnrin Àṣáńtì tó ti hu ewú díẹ̀ lórí, jókòó lórí àpótí, kò sì ṣe ohun kankan. Kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú rẹ̀ tí ó ti ṣí ikùn wọn. Mo kí i, mo fi Twi ní “Mepa wo kyɛw,” ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi bóyá ó ti nu ti Alhaji.

Ó ní òun ti nu ọ̀kan láàárọ̀. Bí òun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èkejì ni iná ìjọba lọ.

Mo béèrè èwo ni ó nù. Ó fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun ti yọ dísìkì inú méjèèjì kí òun lè nu eruku, wọ́n sì jọra, òun kò rántí èyí tó jẹ́ ti Alhaji. Èmi náà wò wọ́n. Irin kékeré méjì ni wọ́n, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìdajì ni ìrètí mi, ìdajì ni ikú ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí lójú mi nígbà náà.

A jókòó de iná. Máàsítà fún mi ní àga, ó ní kí n jẹun, mi ò lè jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan dísìkì méjèèjì títí iná fi dé. Ó bi mí léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún un. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá bèèrè iṣẹ́, á ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù ni iná dé. Ó so dísìkì àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ojú gíláàsì dúdú, ó ní òun kò rí ohunkóhun. Ó ti nù ún.  Ó tú u, ó so èkejì, a sì dúró. Nígbà tí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wa jáde, tí mo rí àpò tí mo fúnra mi pè ní “Lẹ́tà Kílíníìkì”, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín epo ẹ́ńjìnnì.

Mo ṣí fáìlì àtòkọ náà. Àdírẹ́sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, èyí tí Dókítà ń wá sì ni èkejì nínú wọn. Mo da fáìlì náà sórí dísìkì pẹlẹbẹ, mo tún fi bírò kọ àdírẹ́sì náà sẹ́yìn ọwọ́ mi, lẹ́tà sí lẹ́tà, máàsítà sì ń ka á sókè kí n má ṣì í.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìwòsàn, Dókítà kò tíì lọ sílé. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó tẹ àdírẹ́sì náà sínú bùráósà tuntun. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ wọ̀nyẹn, orí wáyà tẹlifóònù ló ń gbà, ó sì lọ́ra. Èrò tuntun sì wá bá mi: bí wọ́n bá ti yọ ojú ìwé náà kúrò ńkọ́? Àwa méjèèjì dúró níwájú ojú gíláàsì funfun. Lẹ́yìn náà ni ìlà àkọ́kọ́ jáde, tí tábìlì náà ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀kan sínú fáìlì ọmọ náà, ó fún mi ní èkejì pé kí n tọ́jú.

Nígbà náà ló ní kí n jókòó kí n fi sìkíríìpù mi hàn án. Kò mọ nǹkan kan nípa àṣẹ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ àlàyé mi títí dé òpin. Mo fi ìlà mẹ́ta kún un: bí orúkọ kan bá ti wà tẹ́lẹ̀, kí sìkíríìpù fi nọ́ńbà kún tuntun, kó má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ mo tún kó gbogbo àmì náà láti inú àtòkọ sínú àpò tuntun, mo ka iye ìlà tó wà nínú àtòkọ, mo sì ka iye fáìlì tó wà nínú àpò. Wọ́n dọ́gba. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó lé ní ọgọ́ta tó ti sọnù láìmọ̀.

Ọmọ náà dé ní Wẹ́sídè. Mo wọ̀n ọ́n, ó fa káàdì ọrùn mi. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohunkóhun. Mi ò sọ fún un.