Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá Láti Ilé Ẹ̀gbọ́n

Ọdún mẹ́fà ni Ok Da-hye ti fi ń kọ ọ̀rọ̀ fídíò ìpolówó fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Seoul. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ti ọdún yìí wà lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, Pyo Gi-tae, ẹni tí kò tíì buwọ́ lù ú.

Ẹ̀kọ́ tó kàn dá lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, fún àwọn obìnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Da-hye kọ fídíò rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, ní apá mẹ́ta. Ó sọ ìṣòro olùwòran bí olùwòran fúnra rẹ̀ ṣe máa sọ ọ́. Ó tẹ ibi tó ń dùn ún, kí olùwòran lè rí ohun tí ìṣòro náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ẹ̀kọ́ náà jáde bí ọ̀nà àbáyọ.

"Da-hye, apá kejì yìí tutù bí ìrẹsì àná," ni Pyo wí. "O ní ọjọ́ ń lọ. Ta ni kò mọ̀? O sọ ìṣòro tán, o fò lọ sórí olùkọ́. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti sá kúrò nínú fídíò tó kọjá."

"Ọ̀gá, tí a bá tẹ egbò jù, wọ́n á sá náà."

"Egbò tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n máa ń sá fún. Wá nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé gidi. Ogún ìṣẹ́jú àáyá péré. Ọ̀la la máa yà á." Ó fọwọ́ lu ìwé àdéhùn náà. "Èmi náà ní ọ̀gá o."

Nǹkan kan péré ló wá sí Da-hye lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Da-jeong, ló sọ ọ́ fún un nílé rẹ̀ ní Incheon, níbi tí wọ́n ti jọ ń fi iyọ̀ ra ewé kábéèjì. Ọmọ Da-jeong ń kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Níbi tí wọ́n kọ "iṣẹ́ ìyá" sí, ọmọ náà kọ "kò sí." Da-jeong bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá wọn.

Da-hye kọ ọ́. Ó fi gbólóhùn kan sí ìparí pé ẹ̀kọ́ náà kò ṣèlérí iṣẹ́. Pyo ka gbogbo rẹ̀, ó fagi lé gbólóhùn yẹn, ó sì buwọ́ lu àdéhùn.

Ọjọ́ kẹta tí fídíò jáde, Da-jeong pè é lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Ohùn obìnrin kan ni mo gbọ́, àmọ́ ẹnu rẹ ló ń sọ ọ́. Mo ti dá ọ mọ̀ kó tó dé ibi fọ́ọ̀mù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Màá ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Yọ kí ni? Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sunkún. Mo ti rà á, torí ẹ ní òní ni ẹ̀dínwó rẹ̀ máa parí."

"Ẹ gba owó yín padà. Wọ́n á kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà lóòótọ́, àmọ́ kò lè bá yín wáṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ ìyẹn nínú fídíò?"

Da-hye gbójú sókè sí yàrá ọ̀gá rẹ̀. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, Pyo ń juwọ́ pè é. Fídíò tó kàn, ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì ní apá kejì.