Ìlérí Ara Pátákó Sàúdátù

Alágbàfọ̀ ni Sàúdátù ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì í sì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tí Akínbọ́lá tó ń kọ pátákó ní òun á kọ "Ìtẹ́lọ́rùn yín ni ayọ̀ wa" sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fura. Ó rìn dé ibùdókọ̀ Pleasure. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà lára pátákó ẹni tó ń kan pósí!

Ó padà wá bá Akínbọ́lá. "Ta ni pósí ń tẹ́ lọ́rùn, jàre? Kọ ohun tí èmi ń ṣe: 'Bọ́tìnnì tó bá já, a ó rán òmíràn sí i.'"

"Ẹ jẹ́ ká fi 'A dára jù lọ' kún un, mà."

"Ta ló máa sọ pé òun burú?"

Akínbọ́lá kọ ọ́ bí Sàúdátù ṣe wí. Lọ́jọ́ kejì, Akínbọ́lá fúnra rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, kò ku bọ́tìnnì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Sàúdátù wò ó tìfura-tìfura, ó wo pátákó, ó sì fa abẹ́rẹ́ yọ.